Àkọsílẹ̀ iṣẹ́: ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìbí láti Lọ́ńdọ̀nù sí Òkè Àró, àti èsì tí Màmá fi ránṣẹ́ padà

Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù kọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìbí ránṣẹ́ sí ìyá bàbá rẹ̀ ní Òkè Àró, níhìn-ín ní Àkúrẹ́. Màmá pé ọgọ́rin ọdún. Gẹ̀ẹ́sì ni ọmọ náà fi kọ ọ́, nítorí pé ọmọdé ni nígbà tí wọ́n mú un lọ. Ó ń gbọ́ Yorùbá, ó ń sọ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè kọ ọ́ sílẹ̀. Àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí, ló gbé iṣẹ́ náà wá bá mi. Ọ̀nà méjì ni iṣẹ́ ọ̀hún pín sí. Kí n yí ọ̀rọ̀ náà sí Yorùbá tí Àǹtí máa kà sókè níwájú àlejò, tí wọ́n á sì tún tẹ̀ sínú férémù. Lẹ́yìn náà, kí n yí èsì Màmá sí Gẹ̀ẹ́sì, nítorí ìyàwó ọmọ náà àti àwọn ọmọ wọn tí kò gbọ́ Yorùbá rárá.

Ohun tó wọlé sórí Wáásàpù Àǹtí nìyí. Mo gba àyè lọ́wọ́ wọn kí n tó gbé e síbí, mo sì yọ orúkọ kúrò.

```
1 Happy 80th birthday to my favourite old lady!
2 I can't believe you're 80. You don't look a day over 60.
3 Thank you for always being there for me.
4 You were my rock when Dad was away.
5 I miss your pounded yam and your telling-off.
6 Hope you have a wonderful day. Don't party too hard!
7 Love you loads. Can't wait to see you in December.
```

Ẹ̀dà tí wọ́n ti kọ́kọ́ túmọ̀

Ẹnìkan nínú ẹbí ti túmọ̀ rẹ̀ kó tó dé ọwọ́ mi, nítorí náà àtúnṣe ni iṣẹ́ yìí ju àkọ̀tun lọ. Ẹ̀dà náà bẹ̀rẹ̀ báyìí: “Ẹ kú ọjọ́ ìbí ọgọ́rin sí arúgbó obìnrin tí mo fẹ́ràn jù. Mi ò lè gbàgbọ́ pé ẹ jẹ́ ọgọ́rin.” Níwájú, ó ní “ẹ ṣeun fún wíwà níbẹ̀ fún mi”, ó ní “ẹ jẹ́ àpáta mi nígbà tí bàbá mi kò sí”, ó sì parí sí “ẹ má ṣe àríyá jù, mi ò lè dúró láti rí yín”.

Bí a bá mú ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tí kò sí nínú Yorùbá. Àǹtí kà á tán, ó bojú wò mí, ó ní, “Ẹ̀yin tíṣà, ta ni ọmọ yìí ń bú?”

Ìbéèrè yẹn ló fi ibi tí àlébù wà hàn mí. Nínú Gẹ̀ẹ́sì tí ọmọ yìí ń sọ, ìfẹ́ fara pamọ́ sínú yẹ̀yẹ́. Ẹni tó bá sún mọ́ ọ nìkan ló lè pè ọ́ ní arúgbó, ló lè kìlọ̀ fún ọ pé kí o má jó jù. Bí yẹ̀yẹ́ náà bá dé inú Yorùbá láìsí ohun tó fi ìsúnmọ́ hàn ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìwọ̀sí ló kù. Yorùbá ní ibi tí ó ń kó ìfẹ́ sí: orúkọ tí a fi ń pe ènìyàn, bí a ṣe kí i, àti àdúrà. Mo ní láti kó ìfẹ́ náà láti ibi tó wà lọ sí àwọn ibi wọ̀nyí, ṣùgbọ́n kí ohùn ọmọ náà má baà sọnù lójú ọ̀nà.

Ìlà kìíní: kí ni ọmọ yìí ń pe ìyá àgbà rẹ̀?

Ìlà yìí ló gba àkókò jù. Kì í ṣe pé Yorùbá kì í fi ọjọ́ orí ṣeré. “Ìyá arúgbó” máa ń jáde lẹ́nu ọmọ-ọmọ nínú yàrá, ìyá àgbà á sì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nínú férémù tó máa so mọ́ ògiri pálọ̀, àti lẹ́nu ẹni tó ń kà á fún àlejò, eré náà ti di nǹkan mìíràn. Àlejò kò sí nínú yàrá nígbà tí wọ́n ń bára wọn ṣeré.

Mo kọ́kọ́ ro ti oríkì. Àǹtí sọ oríkì Màmá fún mi, ó sì dùn létí. Àmọ́ àgbà ló ń fi oríkì àbísọ pe ọmọdé láti fi gẹ̀ ẹ́. Ọmọ-ọmọ kì í ṣàdéédé la ẹnu pe oríkì ìyá bàbá rẹ̀, àfi tó bá fi “ìyá mi” ṣáájú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni, ọmọ yìí kò mọ oríkì náà tẹ́lẹ̀. Bí mo bá fi sí i, èmi ni mo ń kí Màmá, kì í ṣe òun.

Mo pè é lórí fóònù. Mo béèrè ohun tó máa ń pe Màmá nígbà tó wà lọ́dọ̀ wọn. Kò ronú rárá, ó ní, “Màmá Òkè Àró ni, Bùrọ̀dá. Màmá Oǹdó ni èkejì.” Ìyá ìyá rẹ̀ ló wà ní ìlú Oǹdó, ọmọdé sì nílò ohun tó fi máa ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. Ó parí nìyẹn. Ọmọ ilé nìkan ló ń fi àdúgbò pe ìyá rẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì sí àlejò tó máa gbọ́ ọ tí ara rẹ̀ máa bù máṣọ. Ìlà kìíní di: “Ẹ kú ọjọ́ ìbí o, Màmá mi, Màmá Òkè Àró!”

Mo wá fi gbólóhùn kan tí kò sí nínú Gẹ̀ẹ́sì kún un: “Mo dọ̀bálẹ̀ kí yín láti òkè òkun.” Àfikún ni lóòótọ́, mo sì sọ fún un kí n tó ṣe é. Bí lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì kò bá ní ìdọ̀bálẹ̀, kò sí ohun tó ṣe é. Bí ti Yorùbá kò bá ní in, tí ó kàn bọ́ sórí ọ̀rọ̀, àgbà máa rò pé ọmọ náà dúró ṣánṣán bá òun sọ̀rọ̀. Ó ní bí òun bá wà nílé, òun máa dọ̀bálẹ̀ náà ni, kí n fi sí i.

Ìlà kejì àti ìkẹta

“Mi ò lè gbàgbọ́” jẹ́ ìyàlẹ́nu lásán nínú Gẹ̀ẹ́sì. Nínú Yorùbá, bí ó bá dá dúró níwájú ọjọ́ orí àgbàlagbà, ó sún mọ́ pé a ń sọ pé ó purọ́ ọjọ́ orí. Ó sì léwu fún àwọn tó jẹ́ ẹgbẹ́ Màmá, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní ìwé ìbí, tó jẹ́ pé ìṣẹ̀lẹ̀ ìlú ni wọ́n fi ń ṣírò ọdún wọn. Ìbéèrè ni Yorùbá fi ń sọ irú ìyàlẹ́nu bẹ́ẹ̀: “Ọgọ́rin ọdún rèé lóòótọ́?” Lẹ́yìn náà, “Ẹni tó bá rí yín á ní ẹ kò tíì ju ọgọ́ta lọ.” Ìyìn ara báyìí kì í dá wà lẹ́nu wa, àdúrà ló ń tẹ̀lé e kí ó má baà dà bí ẹni tó ń fojú ṣọ́ ènìyàn. Mo fi “Okun ò ní tán lára yín” tì í.

Ti “wíwà níbẹ̀ fún mi” kò le. “Níbẹ̀” wo? Ohun tí ó ń sọ ni pé Màmá kò já òun jù sílẹ̀ rí: “Ẹ ṣeun, Màmá, ẹ kò fi ìgbà kan fi mí sílẹ̀.”

Ìlà kẹrin: bàbá tó jókòó síwájú

Àpáta kọ́kọ́. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa, Ọlọ́run ni à ń pè ní àpáta, ìjọ Màmá sì máa pọ̀ níbẹ̀. Òpómúléró ló yẹ ìyá: òpó tó mú ilé ró. Èyí rọrùn.

Apá kejì ìlà náà ni kò rọrùn. “Nígbà tí bàbá mi kò sí” ṣeé gbọ́ lọ́nà mẹ́ta. Bàbá kò sí nílé, bàbá ti kú, tàbí bàbá sá lọ. Gẹ̀ẹ́sì fi í sílẹ̀ láìyàn, Yorùbá inú ẹ̀dà àkọ́kọ́ sì ń tì í síhà àwọn ìtumọ̀ tí kò dára. Bàbá ọmọ náà ṣì wà láyé. Ìlà àkọ́kọ́ níwájú ló máa jókòó sí lọ́jọ́ náà, ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀ gan-an. Ẹ fojú inú wò ó kí wọ́n ka irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ sókè níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀.

Mo tún pe Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ náà ní iṣẹ́ ló gbé bàbá òun lọ sí Kàdúná nígbà yẹn, kò sí ìjà kankan níbẹ̀. Mo kọ ọ́ báyìí: “Nígbà tí bàbá mi wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Kàdúná, ẹ̀yin ni òpómúléró mi.” Ó gùn ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ, ó sì sọ ohun tí Gẹ̀ẹ́sì kò sọ. Ẹni tó bá fẹ́ kí gígùn ìtumọ̀ bá ti orísun mu máa bá mi jà níbí. Mo fara mọ́ ìjà náà. Nínú ìwé òfin, mi ò ní fi Kàdúná sí i láéláé, ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìbí, ẹni tó ni ọ̀rọ̀ ṣì ń gbé fóònù, ó yẹ kí a bi í.

Ìlà karùn-ún dé ìkeje

Ìlà karùn-ún fẹ́rẹ̀ẹ́ túmọ̀ ara rẹ̀. Ní àgbègbè tiwa yìí, kò sí ẹni tó nílò àlàyé lórí iyán ìyá àgbà. Ohun kan tí mo ṣọ́ ni pé kí ìbáwí náà má bọ́. Àǹtí ní kí n yọ ọ́, pé àlejò lè rò pé Màmá máa ń nà án. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fi í sílẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ọmọ náà ti ń fi Màmá ṣeré, bí a bá sì yọ gbogbo eré rẹ̀, lẹ́tà ẹnikẹ́ni ló kù. “Àárò iyán yín ń sọ mí, àárò ìbáwí yín náà ń sọ mí.” Bí a ṣe tún “àárò” pè lẹ́ẹ̀mejì yẹn ló mú kí ìbáwí bá iyán dọ́gba, ló sì ń pa ni lẹ́rìn-ín.

Ìlà kẹfà ní “má ṣe àríyá jù”. Ọmọ kì í pàṣẹ fún ìyá rẹ̀ lórí ijó, pàápàá ní ọjọ́ tirẹ̀. Síbẹ̀ mi ò fẹ́ pa àwàdà náà. Mo yí ìkìlọ̀ padà sí ẹ̀bẹ̀, mo sì so ó mọ́ ìrìn àjò tó ń bọ̀: “Ẹ jó díẹ̀ fún mi o, kí ẹ tọ́jú ìyókù dè mí di Oṣù Kejìlá.” Báyìí, ìlà kẹfà ti gbé apá kan ìlà keje.

Ti “ìfẹ́” ló kù. Àǹtí fẹ́ kí n fi àdúrà rọ́pò rẹ̀ pátápátá, nítorí pé “mo nífẹ̀ẹ́ yín” dà bíi tinú fíìmù létí rẹ̀. Ó ní ẹ̀tọ́ láti rò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ náà sọ ọ́ ní gbangba, ó sì fẹ́ kí Màmá gbọ́ ọ. “Mo fẹ́ràn yín dénú, Màmá” ni mo lò. “Dénú” mú un kúrò lẹ́nu olólùfẹ́, ó mú un wá sílé.

Ọ̀rọ̀ “yín” náà mú àríyànjiyàn wá. Àǹtí ní nínú ilé tiwọn, nígbà tí wọ́n bá ń sọ èdè Àkúrẹ́, “o” ni wọ́n ń sọ fún ìyá wọn, ọ̀wọ̀ sì wà nínú ìkúnlẹ̀ àti nínú “Yèyé” tí wọ́n ń pè é. Ṣé kí a má kọ ọ́ bẹ́ẹ̀? Ó wù mí, àmọ́ àlejò láti ìlú mìíràn máa wà níbẹ̀, Yorùbá àjùmọ̀lò ni gbogbo wọn sì ń kà. Ẹni tó bá rí “o” nínú àjùmọ̀lò sí ẹni ọgọ́rin ọdún kò ní rántí èdè Àkúrẹ́ rárá. Mo fi “yín” sílẹ̀. Nítorí pé “yín” lè jẹ́ gbogbo èrò inú gbọ̀ngàn bí a bá ń kà á sókè, mo fi “Màmá” há àárín rẹ̀ níbi tó yẹ, kí etí máa padà sọ́dọ̀ ẹnìkan ṣoṣo.

Ẹ̀dà tó dúró

“Ẹ kú ọjọ́ ìbí o, Màmá mi, Màmá Òkè Àró! Mo dọ̀bálẹ̀ kí yín láti òkè òkun.

Ọgọ́rin ọdún rèé lóòótọ́? Ẹni tó bá rí yín á ní ẹ kò tíì ju ọgọ́ta lọ. Okun ò ní tán lára yín.

Ẹ ṣeun, Màmá, ẹ kò fi ìgbà kan fi mí sílẹ̀. Nígbà tí bàbá mi wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Kàdúná, ẹ̀yin ni òpómúléró mi. Àárò iyán yín ń sọ mí, àárò ìbáwí yín náà ń sọ mí.

Ayọ̀ lẹ ó fi ọjọ́ òní ṣe. Ẹ jó díẹ̀ fún mi o, kí ẹ tọ́jú ìyókù dè mí di Oṣù Kejìlá. Ojú yín ń wù mí í rí.

Mo fẹ́ràn yín dénú, Màmá. Igba ọdún, ọdún kan ni o!”

Àǹtí fẹ́ kí àdúrà pọ̀ sí i: ọlá, àlàáfíà, kí Màmá jẹun ọmọ pẹ́, kí ó má fọwọ́ sin ọmọ. Gbogbo rẹ̀ dára. Mo ní kó kà á sókè pẹ̀lú wọn kó sì gbọ́ ọ fúnra rẹ̀. Nígbà tó dé àdúrà kẹrin, ó dákẹ́, ó ní, “Pásítọ̀ ló ń sọ̀rọ̀ yìí, kì í ṣe ọmọ wa.” A yọ wọ́n. A fẹnu kò pé bí ó bá ka lẹ́tà tán, kó gbàdúrà tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ Màmá.

Ilé ìtẹ̀wé

Mo fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé kan nínú ìlú. Àyẹ̀wò tó padà wá ní àkọlé ńlá aláwọ̀ wúrà: OJO IBI, láìní àmì kankan. Ẹni tó ya á ní lẹ́tà ńlá kì í gba àmì. Ó ń gbà á. Láìsí àmì, kò sí ohun tó ní kí ẹni tó kà á má pè é ní ọjọ́ ibi, ó sì máa so kọ́ pálọ̀ bẹ́ẹ̀. ỌJỌ́ ÌBÍ ló gbọ́dọ̀ jẹ́.

Ìṣòro gidi ni pé fọ́ńtì olódòdó tó lò kò mọ àmì wa. Àwọn lẹ́tà bíi ó ní nọ́mbà tirẹ̀ nínú Yúníkóòdù, ọ náà ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́tà tó ní àmì ohùn lókè àti àmì mìíràn nísàlẹ̀ kò ní nọ́mbà kan ṣoṣo. Méjì ló ń so pọ̀:

```
ọ́ = U+1ECD U+0301
ẹ̀ = U+1EB9 U+0300
```

Bí fọ́ńtì kò bá mọ bí èkejì ṣe ń jókòó lé èkíní, àmì á yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, tàbí kí àpótí kékeré hàn níbẹ̀. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé kí wọ́n tẹ ẹ́ ẹ̀ ọ́ ọ̀ ṣ sínú fọ́ńtì tí wọ́n fẹ́ lò, kí a wò ó nílá. Tiwọn yẹ̀. A fi Charis SIL tẹ gbogbo ọ̀rọ̀, a sì fi fọ́ńtì olódòdó sílẹ̀ fún 80 nìkan, nítorí nọ́mbà kò ní àmì. Nínú CorelDRAW, mo ní kó lo `Ctrl+Q` lẹ́yìn tí mo ti ka gbogbo rẹ̀ tán, kí ọ̀rọ̀ di àwòrán, kí kọ̀ǹpútà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé má baà fi fọ́ńtì mìíràn rọ́pò rẹ̀. Lẹ́yìn `Ctrl+Q`, kò sí àtúnṣe lẹ́tà mọ́. Ẹ kà á kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́.

Èsì Màmá

Àǹtí gba ohùn Màmá sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Èdè Àkúrẹ́ ló fi sọ ọ́. Mo kọ ọ́ sí àjùmọ̀lò kí n tó yí i, kí Àǹtí lè yẹ̀ ẹ́ wò:

“Ọkọ mi, o ṣeun o. Mo gbọ́ iṣẹ́ tí o rán. Iṣu ń bẹ, ọwọ́ mi ṣì lè gún un. Bíbá tí mo ń bá ọ wí, kò tíì tán. O ò ní rìn ní ọjọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Bá mi kí ìyàwó mi, bá mi gbá àwọn ọmọ mọ́ra.”

Gbogbo wa mọ ìyá àgbà tó ń pe ọmọ-ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ní ọkọ. Bí mo bá kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì bó ṣe rí, ìyàwó ọmọ náà máa kà á ní ọ̀nà tí Màmá kò rò. Bí mo bá sì fi ọ̀rọ̀ ìkẹ́ Gẹ̀ẹ́sì kan rọ́pò rẹ̀, ohun tí ọmọ náà ti ń gbọ́ láti kékeré máa lọ. Ó mọ̀ ọ́n sí orúkọ ara rẹ̀. Mo fi í sílẹ̀ ní Yorùbá, mo sì ní kó sọ ìtàn rẹ̀ fún àwọn ará ilé rẹ̀ fúnra rẹ̀.

“Ìyàwó mi” yàtọ̀. Ìyàwó ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni Màmá ń gbà mọ́ra níbẹ̀, obìnrin náà ló sì máa kà á. Mo jẹ́ kó hàn pé ti àwọn méjèèjì ni. Ti ọ̀nà tí ebi ń pa, mi ò fi “kí o rìn ire” rọ́pò rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì lè gbé ọ̀nà tí ebi ń pa, ó sì hàn sí ẹni tó bá kà á pé ewu ni.

```
Ọkọ mi, thank you. The message you sent has reached me.
There is yam, and my arms can still pound it.
As for telling you off, I haven't finished.
May you never set out on a day when the road is hungry.
Greet your wife for me, she is mine too,
and hold the children close for me.
```

Ohun kan wà tí mi ò rí ọ̀nà rẹ̀: Màmá ń pè é ní “o”, ọmọ náà sì ń pe Màmá ní “ẹ”, Gẹ̀ẹ́sì sì sọ méjèèjì di ọ̀kan náà. Mo gbìyànjú láti fi ohùn gbólóhùn gbé e: ti Màmá kúrú, ó dúró gbọnyin, kò bẹ ẹnikẹ́ni. Mo fi ohùn tí Àǹtí gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ pẹ̀lú ìwé náà, mo sì ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ọ kí wọ́n tó kà á.